Gbèsè Kò Mọ̀ Pé Òjò Ń Rọ̀: Bí Iléeṣẹ́ Píọ̀ Wọ́tà Ṣe Lè Kọ̀wé sí Báǹkì fún Àtúntò Gbèsè

Láti ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún títí di ìparí oṣù Kẹwàá, ọjà píọ̀ wọ́tà kì í yá bó ṣe ń yá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru ti rọlẹ̀, òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ èèyàn mọ́, ọ̀pọ̀ ilé sì ti ń gbe omi òjò. Gbogbo ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n gbèsè báǹkì kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń yọ ọ́ lóṣooṣù, iye kan náà sì ni.

Nígbà tí owó ọ̀rá, iná àti dísù bá wá gbówó lórí, tí èlé náà sì tún gòkè, ohun tí iléeṣẹ́ fi ń rọ́jú san nígbà òjò kì í tó mọ́. Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á máa sá fún ìpè báǹkì. Àwọn mìíràn á kọ̀wé, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn á kún fún ẹ̀bẹ̀: nǹkan le, ìlú ò rọgbọ, ẹ ṣàánú wa. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í jìnnà, nítorí ẹni tó gbà á ní ẹ̀ka báǹkì kọ́ ló ní àṣẹ láti gba ẹ̀bẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó yíyá ní olú iléeṣẹ́ báǹkì ló máa pinnu, ìgbìmọ̀ náà kò sì ní rí ojú yín. Ìwé nìkan ni wọ́n máa rí. Ìwé náà gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n pé owó tó ń wọlé kò tó ètò ìsan tó wà nílẹ̀, pé ó tó ètò mìíràn, àti bí ẹ ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àtúntò gbèsè kì í ṣe ìdáríjì gbèsè. Gbogbo ojú owó tí ẹ jẹ ṣì wà lọ́rùn yín. Ohun tó ń yí padà ni iye ọdún tí ẹ máa fi san án, iye tí ẹ máa san lóṣooṣù, àti nígbà mìíràn, èlé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ iléeṣẹ́ kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa la ṣètò owó inú àpẹẹrẹ náà kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí gan-an ni báǹkì ṣe ń ṣe é.

Owó tó wọlé gan-an

Iléeṣẹ́ yìí yáwó láti fi ra ẹ̀rọ tó ń di omi, ó sì gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan mọ́ ọn. Ojú owó tó kù ní ìparí oṣù Kẹrin jẹ́ ₦18,000,000, oṣù 24 ló sì kù láti fi san án. Èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún nígbà tí wọ́n yá a, ó sì ti di 30% báyìí. Èyí kò yani lẹ́nu. Èlé ọ̀pọ̀ gbèsè bẹ́ẹ̀ ni báǹkì lè gbé sókè bí ọjà owó bá ṣe rí, èlé tí báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà sì fi ṣe òdiwọ̀n fún àwọn báǹkì gòkè láti 18.75% ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 sí 27.5% ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Pẹ̀lú 30% lọ́dún, tó jẹ́ 2.5% lóṣù, iye tí iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ san lóṣooṣù jẹ́ nǹkan bíi ₦1,006,000.

Ibi tí iṣẹ́ lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde láàárín oṣù 12 tó kọjá. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọjà tí ẹ tà yàtọ̀ sí owó tó wọlé. Bí ọlọ́jà bá gbé 500 àpò lọ lónìí tó ní òun á sanwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti ta ọjà, ṣùgbọ́n kò sí owó kankan tó wọlé. Ọjọ́ tí owó bá dé ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bákan náà, ọjọ́ tí ẹ bá sanwó ọ̀rá ni kí ẹ kọ ọ́ pé ó jáde, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ lò ó. Iléeṣẹ́ lè jèrè lórí ìwé kó má sì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí báǹkì fẹ́ yọ owó rẹ̀.

Owó tí ọ̀gá ń mú fún ìnáwó ilé náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi sábẹ́ owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù yín. Bí ẹ bá fi pamọ́, ìṣirò yín á sọ pé owó kù nílẹ̀ nígbà tí kò sí, ẹ sì máa ṣe ìlérí tí ẹ kò ní lè mú ṣẹ.

Nígbà tí iléeṣẹ́ inú àpẹẹrẹ wa ka ìwé rẹ̀ tán, oṣù mẹ́fà ẹ̀ẹ̀rùn jọra wọn, oṣù mẹ́fà òjò náà jọra wọn. ₦300 ni wọ́n ń ta àpò kan fún àwọn tó ń wá kó ọjà. Bí oṣù kọ̀ọ̀kan ṣe rí nìyí:

| | Oṣù ẹ̀ẹ̀rùn kan | Oṣù òjò kan |
|---|---|---|
| Iye àpò tí owó rẹ̀ wọlé | 40,000 | 26,000 |
| Owó tó wọlé | ₦12,000,000 | ₦7,800,000 |
| Ọ̀rá omi àti àpò ìkó | ₦6,400,000 | ₦4,160,000 |
| Iná àti dísù | ₦1,500,000 | ₦1,000,000 |
| Owó òṣìṣẹ́ | ₦1,300,000 | ₦1,000,000 |
| Ọkọ̀ àti epo rẹ̀ | ₦900,000 | ₦600,000 |
| Àsẹ́ omi, àyẹ̀wò, àtúnṣe | ₦400,000 | ₦300,000 |
| Ìnáwó mìíràn | ₦200,000 | ₦200,000 |
| Gbogbo owó tó jáde | ₦10,700,000 | ₦7,260,000 |
| Owó tó kù láti fi san gbèsè | ₦1,300,000 | ₦540,000 |
| Iye tí báǹkì ń yọ | ₦1,006,000 | ₦1,006,000 |
| Ìyàtọ̀ | ₦294,000 lé | ₦466,000 dín |

Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni ọkàn lẹ́tà náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ₦294,000 ń ṣẹ́ kù lóṣooṣù. Nígbà òjò, ₦466,000 ni kò tó. Bí ẹ bá kó ohun tó ṣẹ́ kù fún oṣù mẹ́fà ẹ̀ẹ̀rùn jọ, ó jẹ́ ₦1,764,000. Ohun tí kò tó fún oṣù mẹ́fà òjò jẹ́ ₦2,796,000. Bí wọ́n tilẹ̀ fi gbogbo èrè ẹ̀ẹ̀rùn pamọ́ láì fọwọ́ kàn án, ₦1,032,000 ló máa dín lọ́dún. Ìyẹn ni pé lórí ₦1 kọ̀ọ̀kan tó yẹ kí wọ́n san, kọ́bọ̀ 91 ni iṣẹ́ náà ń pèsè. Ohun tí ìgbìmọ̀ báǹkì kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kó ju ₦1 lọ dáadáa, kí ohun kan lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé gbèsè náà bàjẹ́.

Ohun tí ẹ lè bèèrè àti ohun tí kò yẹ kí ẹ bèèrè

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé kí báǹkì jẹ́ kí wọ́n sinmi fún oṣù mẹ́fà láì san ohunkóhun. Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa fà. Èlé oṣù kan lórí ₦18,000,000 jẹ́ ₦450,000. Bí ẹ kò bá san án, báǹkì á kó o mọ́ ojú owó, èlé oṣù tó tẹ̀ lé e á sì jẹ́ lórí ojú owó tó ti pọ̀ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, gbèsè ₦18,000,000 á ti di nǹkan bíi ₦20,874,000. Ìsinmi náà ti fi nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta kún ẹrù yín.

₦450,000 yìí ni ìsàlẹ̀ tí ìbéèrè yín kò gbọ́dọ̀ kọjá, àyàfi bí iṣẹ́ bá dúró pátápátá. Iye tó bá ju èlé lọ, ojú owó ló ń bọ́ sí. Iye tó bá kéré sí i, gbèsè ló ń dàgbà. Ní oṣù òjò, ₦540,000 ló kù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wa, nítorí náà ó lè san ₦500,000, kó sì ṣẹ́ ₦40,000 kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ₦1,300,000 ló kù, ó sì lè san ₦900,000. Bí wọ́n ṣe rí iye tí wọ́n máa bèèrè nìyẹn: ₦500,000 lóṣooṣù láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, ₦900,000 lóṣooṣù láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin.

Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù: èlé 2.5% lé ojú owó tó kù, iye tí wọ́n san kúrò níbẹ̀, títí gbèsè fi tán. Lẹ́yìn ọdún kan, ojú owó á ti dín sí nǹkan bíi ₦14,755,000. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ₦4,522,000 ló máa kù. Oṣù 45 ni gbogbo rẹ̀ máa tán, ìsan tó kẹ́yìn á sì jẹ́ nǹkan bíi ₦340,000. Lọ́dún kan, ₦8,400,000 ni wọ́n máa san, nígbà tí ₦11,040,000 wà láti fi san án. Kọ́bọ̀ 91 ti di ₦1.31.

Ó kù kí wọ́n dán ìṣirò náà wò. Bí owó ọ̀rá bá fi 5% gòkè ńkọ́? Ní oṣù òjò, ₦208,000 á bá a lọ, ₦332,000 nìkan ló máa kù, ₦168,000 ni kò sì ní tó lóṣooṣù. Fún oṣù mẹ́fà, ó ju mílíọ̀nù kan lọ díẹ̀. Bí lẹ́tà kò bá sọ ibi tí mílíọ̀nù yẹn máa ti wá, ìgbìmọ̀ máa bèèrè. Iléeṣẹ́ yìí rí i nínú ìwé àwọn tó jẹ ẹ́: àwọn ọlọ́jà jẹ ẹ́ ní ₦1,800,000. Ó gbà pé òun lè gba ₦1,200,000 nínú rẹ̀ kí oṣù Kẹfà tó parí, òun á sì tì í mọ́ àkáǹtì kan tí òun kò ní fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Lẹ́tà náà

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ lẹ́tà sí báǹkì, kò sì gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ. Àwọn ìwé ìṣirò á tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ohun tó máa sọ nìyí:

> Sí Alákòóso Ẹ̀ka,
>
> Ìbéèrè fún àtúntò gbèsè wa tó kù ₦18,000,000
>
> A ń bèèrè pé kí ẹ yí ètò ìsan gbèsè wa padà láti ₦1,006,000 lóṣooṣù fún oṣù 24, sí ₦500,000 láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá àti ₦900,000 láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin, títí gbèsè fi máa tán ní oṣù 45. A kò bèèrè fún ìdáríjì ojú owó tàbí èlé. A kò tíì pa ìsan kankan jẹ.
>
> Ohun tó fà á ni pé ọ̀rá àti àpò ìkó ń gba kọ́bọ̀ 43 nínú ₦1 tí a bá tà nígbà tí a yáwó yìí. Kọ́bọ̀ 53 ló ń gbà báyìí. Èlé wa náà ti gòkè láti 24% sí 30%. Iṣẹ́ náà ṣì ń mú owó wọlé: ₦1,300,000 ló ń kù fún gbèsè ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn, ₦540,000 ní oṣù òjò, bí Ìwé Kìíní ṣe fi hàn láti inú àkọsílẹ̀ gbogbo àkáǹtì wa fún oṣù 12.
>
> Lábẹ́ ètò tí a ń bèèrè, ìsan kọ̀ọ̀kan ju èlé oṣù rẹ̀ lọ. Ojú owó á dín sí nǹkan bíi ₦14,755,000 lẹ́yìn oṣù 12. Ìwé Kejì fi oṣù kọ̀ọ̀kan hàn.
>
> Ní tiwa, a ti dá ọjà àwìn tó bá ju ọjọ́ méje lọ dúró. A máa gba ₦1,200,000 lọ́wọ́ àwọn tó jẹ wá kí oṣù Kẹfà tó parí, a ó sì fi í sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ yín. Owó yìí tó láti gbé wa la òjò já bí owó ọ̀rá bá tilẹ̀ fi 5% gòkè. Gbogbo owó ọjà wa á máa gba ọ̀dọ̀ yín wọlé. A ó máa fi ìwé owó tó wọlé àti èyí tó jáde ránṣẹ́ sí yín lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.
>
> Ohun ìdúró tó wà lọ́wọ́ yín kò yí padà. Onídùúró wa ti mọ̀ nípa ìbéèrè yìí, ó sì ti fọwọ́ sí Ìwé Kẹta. A ṣe tán láti wá ṣàlàyé, ẹ sì lè wá wo ẹ̀rọ àti ìwé wa nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè ló ṣáájú. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó àkáǹtì yín ló máa kọ ìwé tiẹ̀ sí ìgbìmọ̀, inú lẹ́tà yín ló sì ti máa mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní láti wá iye tí ẹ fẹ́ kiri nínú ojú ìwé mẹ́ta, ó lè kọ ohun tí ẹ kò sọ. Ọ̀rọ̀ onídùúró náà ṣe pàtàkì. Ó gbà láti dúró fún oṣù 24 tó kù, kì í ṣe 45. Bí wọ́n bá yí ètò padà láìjẹ́ pé ó mọ̀, ìdúró rẹ̀ lè já lábẹ́ òfin, báǹkì kò sì ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí lẹ́tà ti ń dojú rú

Ohun àkọ́kọ́ tí báǹkì máa ṣe ni láti gbé ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín. Bí ẹ bá sọ pé ₦12,000,000 wọlé ní oṣù Kejì, tí àkáǹtì sì fi ₦7,000,000 hàn, lẹ́tà yín ti kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe irọ́. Awakọ̀ ló gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà tó sì fi ra dísù lójú ọ̀nà, tàbí kí àwọn oníbàárà máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá ní ibòmíràn. Ẹ kó àkọsílẹ̀ gbogbo àkáǹtì wọ̀nyẹn jọ, kí ẹ sì fi ìwé kan ṣàlàyé bí àròpọ̀ wọn ṣe di ₦12,000,000. Owó tó lọ láti àkáǹtì kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ di owó ọjà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kejì ni ìrètí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ta 26,000 àpò lóṣù nígbà òjò èṣí kò lè kọ 35,000 fún òjò tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ó fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá ti gba oníbàárà tuntun, ẹ fi ìwé àdéhùn rẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá sí, ẹ fi ti èṣí sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun kẹta ni àkókò. Iléeṣẹ́ wa kọ̀wé ní oṣù Kẹrin, kí òjò tó dé, nígbà tí ìsan kankan kò tíì yẹ̀. Bí ìsan bá ti pẹ́ kọjá 90 ọjọ́, báǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè náà mọ́ èyí tó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ ya owó sọ́tọ̀ nínú èrè tirẹ̀ nítorí rẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ yín á sì wọ àkọsílẹ̀ àwọn tí kò san gbèsè bó ṣe yẹ, níbi tí àwọn báǹkì yòókù ti lè rí i. Kó tó di 90 ọjọ́, àtúntò máa ń gba báǹkì náà là. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ka tó ń gba gbèsè ni fáìlì yín máa lọ, ohun ìdúró yín sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò níbẹ̀.

Títí báǹkì fi máa dáhùn, ètò àtijọ́ ṣì dúró. Ẹ san ohun tí ẹ bá lè san, ó kéré tán iye èlé, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ báǹkì pé kò séwu kò yí nǹkan kan padà. Ìwé àdéhùn tuntun tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí nìkan ló lè yí i. Nígbà tó bá dé, ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ owó àtúntò tí wọ́n máa gbà, àti bóyá èlé ìjìyà ti wà nínú rẹ̀.

Iye tó ná wọn

Bí iléeṣẹ́ wa bá lè san gbèsè rẹ̀ láàárín oṣù 24, gbogbo owó tó máa san jẹ́ nǹkan bíi ₦24,150,000. Lábẹ́ ètò tuntun, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦30,340,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Èlé nìkan ti di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, kí wọ́n bèèrè nínú àdéhùn tuntun fún ẹ̀tọ́ láti san ju iye oṣù lọ láì sí ìtanràn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn kan bá dára tí ₦400,000 tó ń ṣẹ́ kù lóṣooṣù bá jọ, kí wọ́n lè ju apá kan rẹ̀ sí ojú owó.

Ìṣirò kan náà yìí lè sọ fún ẹlòmíràn pé kó má kọ lẹ́tà náà. Bí owó tó kù ní gbogbo ọdún kò bá tó èlé ọdún náà, ó kan ń fi ọjọ́ kún ọjọ́ ni, bó ti wù kí oṣù tó fi kún un pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá báǹkì sọ nígbà náà ni bó ṣe máa ta ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ kejì láti dín ojú owó kù, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè ta á ní iye tó tọ́. Àròpọ̀ oṣù 12 ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú méjèèjì, kí ẹ tó gbé gègé.